Òdú Kì Í Ṣe Àìmọ̀ Olóko, Ṣùgbọ́n Èéhù Òdú Ńkọ́?

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ti mu omi yó, ọjọ́ mẹ́fà sì ti kọjá. Ẹni tó fún kóró tòmátì sínú bẹ́ẹ̀dì kékeré lẹ́yìn ilé rẹ̀ jí lówúrọ̀, ó bá ilẹ̀ tó kún fún èéhù. Gbogbo wọn ló ní ewé méjì péré, ewé gígùn tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Èwo ni tòmátì nínú wọn? Èwo ni èpò tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún tó kọjá? Ìgbà tí èpò bá kéré ló rọrùn jù láti tu, ìgbà náà gan-an sì ni èpò àti ohun ọ̀gbìn máa ń jọra jù lọ.

Yorùbá ní òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Òótọ́ ni, bí òdú bá ti dàgbà tó sì ti so èso dúdú wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tu èéhù òdú ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kí a tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èéhù tòmátì, ti ata, ti ikàn àti ti gẹgẹmu, olóko tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pàápàá á kọ́kọ́ dákẹ́ wò ó. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko pín márààrún sí. Mẹ́rin nínú wọn ń wọ ìkòkò ọbẹ̀. Ìkarùn-ún, gẹgẹmu, tí àwọn kan ń pè ní apíkán, jẹ́ májèlé láti gbòǹgbò dé kóró: ó ń mú ọkàn sáré, ó ń da orí rú, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹni tó bá ń fa èéhù tu nínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílò láti mọ èyí tó ń fi sílẹ̀ àti èyí tó ń fà, ìdílé yìí sì dára láti fi kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí pé bí ènìyàn bá lè dá àwọn wọ̀nyí mọ̀ yàtọ̀ síra, èyí tó kù kò ní le tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló mú kí ewé àkọ́kọ́ jọra báyìí? Ẹnikẹ́ni tó bá ti bó ẹ̀wà fún àkàrà rí ti rí ìdáhùn náà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí èèpo bá ti ṣí kúrò, ẹ̀wà á pín sí apá méjì, ohun wínníwínní kan á sì wà létí apá kan, ó funfun, ó tẹ̀ kọrọdọ. Apá méjèèjì yẹn ni ewé àkọ́kọ́ ẹ̀wà. Ohun wínníwínní yẹn ni gbòǹgbò àti ojú tí gbogbo ewé tó kù yóò ti yọ. Bó ṣe rí nínú ẹ̀wà ló rí nínú kóró ata àti kóró tòmátì, àfi pé tiwọn tínínrín, ó sì ká jọ sínú èèpo.

Inú kóró, lára ìyá rẹ̀, ni ewé àkọ́kọ́ ti parí àwòrán rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún ni láti tọ́jú oúnjẹ tàbí kó fà á, kí ọmọ ewéko má bàa kú kí gbòǹgbò rẹ̀ tó múlẹ̀. Ìwọ̀n àyè tó wà nínú kóró àti bí ewé náà ṣe ká síbẹ̀ ló ń sọ bí yóò ṣe rí. Kóró tòmátì, ti ata àti ti ikàn ló jẹ́ pẹlẹbẹ, tí ọmọ inú wọn sì ká bí òrùka, nítorí náà ewé tóóró ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni gbogbo wọn ń nà jáde. Ewé tó bá tẹ̀ lé méjì yẹn yàtọ̀. Òkè ilẹ̀, nínú oòrùn, ni ọ̀pá ti ń ṣe é, ohun tí irú ewéko kọ̀ọ̀kan sì ń jogún láti ìdílé rẹ̀ máa ń hàn lára rẹ̀: irun, ẹ̀gbẹ́ tó gé wẹ́wẹ́, òórùn, iṣan. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ewé inú kóró ni a ó máa pe méjì àkọ́kọ́, ewé gidi sì ni a ó máa pe èyí tó tẹ̀ lé e.

Àgbàdo, ọkà bàbà àti gbogbo ìdílé koríko kò sí nínú ìṣòro yìí ní tààrà. Ewé inú kóró tiwọn kì í yọ síta, inú ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Ohun tí a ń rí ni ewé gidi kan ṣoṣo tó yọ ṣóńṣó. Bí iyèméjì bá wà bóyá àgbàdo ni tàbí koríko, kí a rọra wú ìdí rẹ̀: kóró àgbàdo á ṣì wà lára gbòǹgbò, ó tóbi, kò ṣeé ṣì mọ̀.

Ohun tó tún ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ilẹ̀ oko tó ṣófo. Ní ọdún 1879, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ William Beal, ní ìpínlẹ̀ Míṣígàn lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, po kóró oríṣiríṣi èpò mọ́ iyanrìn, ó rọ ọ́ sínú ogún ìgò, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè máa wú ìgò kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nígbà tí wọ́n wú ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 2021, lẹ́yìn nǹkan bí ogóje ọdún, àwọn kóró kan ṣì hù. Gbogbo irú èpò kọ́ ló lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú irú tí Beal rì ló ti kú tipẹ́. Àmọ́ ó tó láti fi mọ̀ pé èpò tó hù lónìí lè jẹ́ ọmọ èpò tí ẹnì kan kò tu kí ẹni tó ń gbin ilẹ̀ náà báyìí tó débẹ̀.

Ilẹ̀dú tí wọ́n wà láti ààtàn tún burú ju ilẹ̀ oko lọ ní ti èyí. Ibẹ̀ ni omi tí wọ́n fi fọ tòmátì ń dà sí, ibẹ̀ ni inú ata tó rà àti ìdí ikàn ń lọ. Kóró wọn kì í kú kíákíá nínú ààtàn tí kò gbóná. Bí ẹni tó gbin tòmátì bá fi ilẹ̀dú bẹ́ẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò níí bá èpò nìkan jà. Yóò bá ata, ikàn, àti tòmátì mìíràn tí kì í ṣe èyí tó fowó ra kóró rẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ènìyàn tó tẹjú mọ́ ewé, ó yẹ kó kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí yóò fi mọ ibi tí èéhù kọ̀ọ̀kan ti wá. Abọ́ méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì kéré lówó ju gbogbo ọgbọ́n yòókù lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fún kóró sínú bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n wá abọ́ méjì tí wọ́n ti lu nísàlẹ̀. Kí wọ́n bu ilẹ̀ tó tutù díẹ̀ sínú ìkòkò àlòkù, kí wọ́n dé e, kí wọ́n gbé e kaná títí oru rẹ̀ yóò fi máa jáde, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ooru yẹn á pa èyí tó pọ̀ jù nínú kóró èpò. Bó bá tutù tán, kí wọ́n rọ ọ́ sínú abọ́ kìíní, kí wọ́n sì gbin kóró mẹ́wàá síbẹ̀ láti inú páálí kan náà tí wọ́n lò fún bẹ́ẹ̀dì. Abọ́ kejì, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ilẹ̀dú rẹ̀ ni kí wọ́n bù sí i, láìfi kóró kankan sí i. Kí wọ́n máa bomi rin méjèèjì bí wọ́n ṣe ń bomi rin bẹ́ẹ̀dì, kí oòrùn tó ń pa bẹ́ẹ̀dì sì máa pa àwọn náà.

Ohun tó bá hù nínú abọ́ kìíní ni ohun tí wọ́n gbìn. Ohun tó bá hù nínú èkejì ni ohun tí ilẹ̀ gbé wá. Ọmọdé á lè fi èyí wé ohun tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí ọgbọ́n náà mọ ni pé abọ́ máa ń yára gbóná ju ilẹ̀ lọ, nítorí náà èéhù inú rẹ̀ lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ti bẹ́ẹ̀dì. Bí abọ́ kejì bá sì hu tòmátì láti inú ilẹ̀dú, a ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo tòmátì inú bẹ́ẹ̀dì ló jẹ́ ti inú páálí. Kò sí bí ojú ṣe lè ya wọn sọ́tọ̀ mọ́, àfi ìlà tí wọ́n gbìn wọ́n sí. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí wọ́n fi okùn fa ìlà, kí wọ́n gbin kóró sójú ìlà náà, dípò kí wọ́n fọ́n ọn ká. Èyí tó bá hù láàárín ìlà méjì kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Iye ọjọ́ náà ń sọ̀rọ̀. Nínú ilẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, tẹ̀tẹ̀ máa ń yọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Tòmátì á gbà tó ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ. Ata àti ikàn ń lọ́ra, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló máa ń gbà wọ́n. Bí ẹni tó gbin ata bá rí èéhù rẹpẹtẹ ní ọjọ́ kẹrin, kò gbọdọ̀ yọ̀; ata rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀. Gẹgẹmu kò ní àkókò tirẹ̀. Kóró rẹ̀ kan á hù lónìí, èkejì rẹ̀ á hù ní oṣù tó ń bọ̀, nítorí náà ọjọ́ kò lè dá a láre, kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí bẹ́ẹ̀dì tòmátì wa, ní ọjọ́ kẹwàá. Ká gbà pé ilẹ̀dú ààtàn ni wọ́n fi sí i, pé ìlà wà níbẹ̀, àmọ́ pé èéhù márùn-ún dúró sí ojú ìlà kan náà, tí wọ́n fara kan ara wọn. Márààrún ní ewé méjì, gígùn, ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ẹni tó bá ń wo ewé nìkan lè pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pá ló yẹ kó wò.

Òwúrọ̀ ló dára jù fún èyí, tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀. Kí ènìyàn lóṣòó, kó jẹ́ kí èéhù náà wà láàárín òun àti oòrùn. Bí irun bá wà lára ọ̀pá, ìmọ́lẹ̀ á mú kó tàn yẹ́ríyẹ́rí. Ọ̀pá tòmátì kún fún irun fúnfun wẹ́wẹ́ láti ilẹ̀ dé abẹ́ ewé, ó sì sábà máa ń ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Ọ̀pá ata kò ní irun tí ojú lásán lè rí; ó ń dán, ewé rẹ̀ náà ń dán, ewé ọ̀hún sì fẹ̀ díẹ̀ láàárín ju ti tòmátì lọ. Ìyàtọ̀ yìí láàárín tòmátì àti ata ló dájú jù lọ nínú gbogbo ìdílé náà, ó sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti yọ. Ẹni tó bá mọ èyí nìkan ti rí nǹkan mú lọ sílé.

Nínú èéhù márùn-ún wa, ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀kan ń dán, kò ní irun. Ata ni. Mẹ́rin tó kù ní irun. Níbi yìí ni ìwọ̀n ewé ti wúlò. Ewé inú kóró tòmátì, bó bá ti là tán, máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, ó sì tóóró. Ti òdú kéré, kì í sábà tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó sì yípo bí ẹyin ju kó tóóró lọ. Abẹ́ rẹ̀ lè pọ́n bí àlùkò. Ti gẹgẹmu gùn ju ti gbogbo wọn lọ, ó máa ń ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ó nípọn, ọ̀pá tó gbé e náà sì sanra. Ká ní ọ̀kan nínú mẹ́rin náà kéré tó sì yípo: òdú ni a ó máa fura sí. Ká ní ọ̀kan tóbi ju àwọn yòókù lọ tó fi jẹ́ pé ó gba àfiyèsí: ẹ jẹ́ ká fura sí gẹgẹmu. Méjì tó ṣẹ́ kù jọra, irun sì wà lára wọn. Tòmátì ni méjèèjì ni, tàbí ọ̀kan jẹ́ ikàn?

Imú ló kàn. Kí ènìyàn fi ìka méjì rọra ra ọ̀pá tàbí ewé, kó sì gbóòórùn ìka rẹ̀. Irun ara tòmátì ní orí róbótó tó ń mú òróró jáde, òróró náà ló sì ń rùn bí òórùn tí gbogbo ẹni tó ti já tòmátì lóko mọ̀. Ọmọ ọjọ́ díẹ̀ pàápàá ní in. Ikàn àti ata kò ní irú rẹ̀. Gẹgẹmu ní òórùn tirẹ̀, èyí tó ń rùn burúkú, tó máa ń mú kí ènìyàn gbé orí sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ahọ́n tọ́ ọ wò láti mọ ohun tó jẹ́. Kó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ojú: oje gẹgẹmu bó ti wù kó kéré, bó bá kan ojú, máa ń mú kí ẹyin ojú là gbàgà, ìríran á sì ṣe bàìbàì fún wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìmọ̀, ìyẹn èèpo kóró. Èéhù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ máa ń gbé èèpo kóró rẹ̀ sórí, pàápàá bí wọn kò bá gbìn ín jìn tó. Bí kò bá sí lórí rẹ̀, ó lè wà nílẹ̀ nítòsí. Èèpo kóró tòmátì pẹlẹbẹ, ó sì ní irun lára bí aṣọ onírun, ó fẹ̀ tó mílímítà mẹ́ta. Ti ata tún fẹ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò ní irun. Ti ikàn jọ ti ata, àmọ́ ó kéré. Ti òdú wínníwínní. Ti gẹgẹmu tóbi, ó rí bí etí, ó sì sábà máa ń há mọ́ ẹnu ewé fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá tọ́jú kóró díẹ̀ nínú páálí tó rà, tó sì fi wé èyí tó wà lórí èéhù, á rí ìdáhùn láìṣe wàhálà. Àsìkò tí ẹ̀rí yìí wà kò pẹ́ o. Òjò kan tó le ti gbé e lọ.

Nínú méjì tó ṣẹ́ kù ní bẹ́ẹ̀dì wa, ọ̀kan rùn bí tòmátì, èkejì kò rùn. Kó má baà di pé a fà á tu lásán, kí wọ́n fi èyí tí kò rùn sílẹ̀ títí ewé gidi yóò fi yọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí èéhù bá jáde, ewé gidi á yọ láàárín ewé inú kóró méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ìbòjú ti máa ń ṣí. Ewé gidi tòmátì máa ń gé wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti èyí àkọ́kọ́ gan-an. Ti ata máa ń dán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ geere láìgé. Ti ikàn kún fún irun títí tí ewé fi dà bí ohun tí eruku bò. Bí ènìyàn bá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, á rí i pé irun kọ̀ọ̀kan pín sí ẹ̀ka bí ìràwọ̀. Ti òdú kéré, ó rọ̀, kò gé. Ti gẹgẹmu fẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, òórùn rẹ̀ sì ti wá lágbára dáadáa.

Bí ó bá wá di dandan láti mú ọ̀kan kúrò nínú èéhù márùn-ún tó fara kan ara wọn, kí wọ́n má fà á. Gbòǹgbò wọn ti ká mọ́ra, èyí tí a fẹ́ á tẹ̀ lé èyí tí a kò fẹ́. Sísọ́ọ̀sì ni kí wọ́n fi gé ọ̀pá rẹ̀ nísàlẹ̀ ewé inú kóró, ní ìdí pátápátá. Nínú ìdílé yìí, ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ ewé náà kì í sábà ní ojú tí ewé tuntun lè yọ, nítorí náà kò ní hù padà. Koríko kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ìdàgbà koríko kékeré wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ilẹ̀, bí a bá gé e lónìí, á tún yọ lọ́túnla. Ó ní láti di fífà.

Tẹ̀tẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì yẹ kí a rò ó níbí, nítorí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ló máa ń pàdé rẹ̀ jù. Tẹ̀tẹ̀ tí a ń jẹ, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó jẹ́ èpò, àti ṣọkọ yòkòtò jọ jẹ́ ìdílé kan. Kóró wọn dúdú, ó ń dán, kò ju mílímítà kan lọ tàbí kó fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀. Èéhù wọn ní ewé inú kóró tóóró, abẹ́ rẹ̀ á sì máa pọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé pípọ́n yẹn ni àmì tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n á sì fa èyí tó pọ́n, wọ́n á fi èyí tó tutù yọ̀yọ̀ sílẹ̀. Àwọ̀ pupa yìí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Oòrùn líle, òtútù òru àti ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ń mú kí èéhù pọ́n, irú tẹ̀tẹ̀ tí a ń jẹ kan sì pọ́n láti ilé.

Ewé gidi ló ń ya tẹ̀tẹ̀ kúrò lára ṣọkọ. Ẹnu ewé gidi tẹ̀tẹ̀ sábà máa ń ní ibi kékeré kan tó wọ inú, bí ìgbà tí ẹnì kan fi èékánná gé e díẹ̀. Ẹnu ewé ṣọkọ lọ ṣóńṣó láìní irú rẹ̀. Láti ya tẹ̀tẹ̀ tí a ń jẹ kúrò lára ẹlẹ́gùn-ún, a ní láti ní sùúrù. Ẹ̀gún kì í sí lára èéhù. Ìdí ewé, níbi tí ewé ti so mọ́ igi, ni ẹ̀gún méjì méjì ti ń yọ, kì í sì í yọ títí igi náà yóò fi ní ewé bíi mélòó kan. Kí ó tó dìgbà náà, kò sí ohun tí ojú lásán lè fi ya wọn tí ó dájú, ìlà àti abọ́ nìkan ló lè ranni lọ́wọ́. Ìtùnú tó wà níbẹ̀ ni pé ewé tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó ṣì kéré kì í ṣe májèlé. Àwọn kan ń sè é jẹ. Ẹni tó bá ṣì í fi sílẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, àfi ọwọ́ tí yóò já a bó bá dàgbà.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń tan ojú jẹ, tó fi jẹ́ pé àmì tó dára pàápàá á yí padà. Èéhù tó wà nínú òjìji á ga fíofío, ọ̀pá rẹ̀ á funfun, irun rẹ̀ á jìnnà síra, tòmátì á wá fẹ́ dà bí ata. Èéhù tí èèpo kóró há mọ́ lórí kò lè na ewé rẹ̀, ewé náà á kúrú, á sì wọ́. Kòkòrò á jẹ ẹnu ṣóńṣó kúrò, ewé tó tóóró á wá dà bí èyí tó yípo. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èéhù kan á yọ ewé inú kóró mẹ́ta dípò méjì. Irú ewéko mìíràn kọ́ ni, bó ṣe rí nínú kóró náà nìyẹn. Nítorí gbogbo èyí, èéhù kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Kí ènìyàn wo mẹ́wàá tó jọra, kó mú àmì tó wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìwé náà wà fún iṣẹ́ yìí, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé èéhù nílò ìwé tirẹ̀. Ní ọdún 1892, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Lubbock, tó jẹ́ oníṣòwò báǹkì àti aṣòfin, tẹ ìwé apá méjì jáde tó jẹ́ pé èéhù nìkan ni wọ́n yà tí wọ́n sì ṣàlàyé nínú rẹ̀. Nílé wa níbí, ìwé atọ́nà nípa èpò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Akobundu àti Agyakwa kọ, tí ilé iṣẹ́ IITA ní Ìbàdàn gbé jáde ní ọdún 1987, ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ oko ń gbé lọ́wọ́. Ó wúlò púpọ̀ fún èpò tó ti dàgbà. Fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìwé tí ẹni tó ń gbin ilẹ̀ náà bá ṣe fúnra rẹ̀ ló máa ń bá ilẹ̀ rẹ̀ mu jù: kó tu èéhù kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, kó tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kó gbé ohun wíwúwo lé e fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì kọ ọjọ́ tó hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan dàgbà nínú abọ́ títí yóò fi mọ orúkọ rẹ̀, kó wá padà kọ orúkọ náà sí i. Fọ́tò fóònù á ṣe é, bí wọ́n bá ya ọ̀pá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè nìkan ń fi ewé hàn, ewé sì ni ohun tó ń tan wá jẹ.

Ibì kan wà tí gbogbo èyí ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Rodo, ṣọ́mbọ̀ àti tàtàṣé kò ṣeé dá mọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ewé inú kóró, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣeé dá mọ̀ ní ewé gidi mẹ́rin. Ata ni gbogbo wọn. Ọ̀pá wọn ń dán bákan náà, kóró wọn jọra, wọn kò sì ní òórùn tó yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe nọ́sìrì ata fún títà, tó sì da irú mẹ́ta pọ̀, kò ní mọ èyí tó tà fún oníbàárà títí èso yóò fi so lóko onítọ̀hún, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó ti gba owó. Tòmátì oríṣiríṣi náà rí bẹ́ẹ̀. Fún wọn, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àti ọjọ́ sí, tí wọ́n rì sí orí ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n fún kóró, ló ń ṣe iṣẹ́ tí ojú kò lè ṣe. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n lò. Bíró á ṣí kúrò lójú rẹ̀ kí ata tó tó lọ́.